Ẹ má fi ọjọ́ iṣẹ́ pín owó kí ẹ tún fi ọjọ́ kàlẹ́ńdà ka ìsinmi: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ètò owó oṣù

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan ní Utako, Àbújá, sanwó oṣù, fóònù mi kò sinmi. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó àkántì wọn ló ń pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Súpáfáísọ̀ wa ti wà ní ọ́fíìsì Alàájì láti ìrọ̀lẹ́, ó ní a jí owó òun." Ọkùnrin náà ti lọ sin bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà. Ìsinmi ọdún rẹ̀ ti tán kí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́, ló bá gba ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ní owó nínú. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 330,000 náírà. Wọ́n yọ 210,000 nínú rẹ̀. Ìyókù tún bọ́ sọ́wọ́ pẹ́ńṣàn àti owó orí kó tó wọ báńkì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú, tó ti ná gbogbo ohun tó ní, irú álàátì yẹn ló bá lórí fóònù rẹ̀.

Iye tó yẹ kí wọ́n yọ ni 150,000. Ẹnikẹ́ni kò jalè. Ẹni tó bá wọn to ètò owó oṣù náà sórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì sanwó ńlá fún, ló fi nǹkan kan sílẹ̀ bó ṣe bá a. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Àbújá, mo ti rí àṣìṣe kan náà yẹn débi tó ti ń ká mi lára. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ra ètò tuntun lọ́dọọdún, wọ́n ń sanwó fún ẹni tí yóò tò ó, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n á tún wá ẹni tí yóò tú u palẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Mo gbà pé ẹ ti mọ ohun tí PAYE jẹ́, ẹ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ òṣìṣẹ́ sínú ètò.

Èkíní: ríra ètò kí ẹ tó ka ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ẹ kó gbogbo ìwé àdéhùn jáde, ẹ pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ìsọ̀rí bí wọ́n ṣe ń gba owó, kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà rárá.

Èkejì: fífi iye kan ṣoṣo ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ ń yọ. Ilé iṣẹ́ Utako yìí ní ìsọ̀rí mẹ́ta. Àwọn ará ọ́fíìsì ń gba owó oṣù. Àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń gbálẹ̀ ń gba owó ojúmọ́ tí wọ́n ń kó jọ dé ìparí oṣù. Àwọn ọlọ́jà ń gba owó kékeré tí kì í yí padà, pẹ̀lú kọmíṣọ̀n lórí ohun tí wọ́n bá tà. Ẹni tó tò ó fi "bésíìkì" ṣe ìpìlẹ̀ pẹ́ńṣàn fún gbogbo wọn, ó sì lọ sílé.

Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé owó tí a ó fi ṣírò pẹ́ńṣàn kò gbọdọ̀ dín sí àpapọ̀ mẹ́ta: bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 iye yẹn, ilé iṣẹ́ ń dá 10. Ẹ wo akọ̀wé kan tó ń gba 250,000 lóṣù. Bésíìkì rẹ̀ jẹ́ 100,000, owó ilé 60,000, owó ọkọ̀ 40,000. 50,000 tó kù jẹ́ owó oúnjẹ àti owó iná. Ìpìlẹ̀ pẹ́ńṣàn rẹ̀ ni 200,000. Òun yóò dá 16,000, ilé iṣẹ́ yóò dá 20,000. Bí ẹ bá fi bésíìkì nìkan ṣe é, yóò di 8,000 àti 10,000. Ẹ ti jẹ akọ̀wé yìí ní 18,000 lóṣù kan nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀, nítorí ohun tó rí ni pé owó tó wọ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá yẹ ìwé yín wò ni gbèsè yóò jáde, pẹ̀lú owó ìjìyà tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 2 nínú 100 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi dá a dúró.

Bí ẹ bá ń lo Excel, tí bésíìkì wà ní C, owó ilé ní D, owó ọkọ̀ ní E, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
=(C5+D5+E5)*8%
```

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo ya tábìlì kan sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan ètò kankan. Ní apá òsì, mo kọ gbogbo oríṣi owó tí ilé iṣẹ́ náà ń san: bésíìkì, owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, àfikún àsìkò iṣẹ́, kọmíṣọ̀n, owó ìsinmi, bónọ́ọ̀sì. Lókè, mo kọ ìbéèrè: ṣé ó wọ pẹ́ńṣàn? Ṣé a ń gba owó orí lórí rẹ̀? Ṣé ó dín kù bí èèyàn bá gba ìsinmi tí kò lówó nínú? Ṣé oṣooṣù ló ń wá, àbí ẹ̀ẹ̀kan? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ń kọ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ á sì fọwọ́ sí i. Ìwé kan ṣoṣo ni. Gbogbo ohun tí mo ti tún ṣe lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn, ihò kan tí wọn kò kọ nǹkan sí nínú tábìlì yẹn ló fà á.

Ẹ̀kẹta: yíyọ NSITF, owó tó wà fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ITF, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, lára òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ló ń san án, ìdá 1 nínú 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà lórí ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ yọ, ẹ mú un kúrò lónìí.

Ẹ̀kẹrin ni ti ọjọ́, òun ló sì ń bí mi nínú jù lọ.

Bí a bá fẹ́ mọ iye ojúmọ́ ẹni tó ń gba owó oṣù, a gbọ́dọ̀ fi iye ọjọ́ kan pín owó oṣù rẹ̀. Àwọn kan ń fi 30 pín in, àwọn kan ń fi 22. Méjèèjì ló ṣeé gbà. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí a fi irú ọjọ́ kan pín owó, kí a wá fi irú ọjọ́ mìíràn ka ìsinmi. Bí ẹ bá fi 30 pín, ọjọ́ kàlẹ́ńdà lẹ fi pín, nítorí náà ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kà, pẹ̀lú Sátidé àti Sọ́ńdè inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi 22 pín, ọjọ́ iṣẹ́ lẹ fi pín, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan sì ni kí ẹ kà.

Ẹ wá wo ti súpáfáísọ̀ wa. Oṣù yẹn ní ọjọ́ iṣẹ́ 22. Ó lọ ní Mọ́ńdè, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọjọ́ iṣẹ́ tó pàdánù jẹ́ 10, ọjọ́ kàlẹ́ńdà sì jẹ́ 14. A pín 330,000 sí ọ̀nà 22, ó jẹ́ 15,000 lójúmọ́. Ìlọ́po 10 rẹ̀ jẹ́ 150,000. Bí ilé iṣẹ́ bá jẹ́ onílànà kàlẹ́ńdà, 330,000 sí ọ̀nà 30 jẹ́ 11,000; ìlọ́po 14 rẹ̀ jẹ́ 154,000. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibì kan náà. Ṣùgbọ́n apá owó nínú ètò wọn ń fi 22 pín, apá ìsinmi sì ń ka kàlẹ́ńdà. Ó mú 15,000, ó fi 14 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì di 210,000. Ọmọ olóògbé pàdánù 60,000 láìṣẹ̀ láìrò.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, àwọn ọ̀gá ni kì í mọ̀. Bí ẹ bá fi 30 pín tí ẹ wá ka ọjọ́ iṣẹ́, 110,000 péré lẹ ó yọ. Ilé iṣẹ́ ló ń pàdánù níbẹ̀. Nítorí pé òṣìṣẹ́ kì í pariwo bí owó bá pọ̀ jù, àṣìṣe yìí lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Mo ti bi àwọn tó ń to ètò wọ̀nyí léèrè pé kí ló dé tí wọn kì í wo ibẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún mi: apá owó oṣù àti apá ìsinmi wà ní ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ètò, iye tó bá wà níbẹ̀ látilẹ̀ sì ni wọ́n fi sílẹ̀. Inú mi kì í dùn sí ìdáhùn yẹn. Ẹ gba owó iṣẹ́, ẹ kò sì ṣí ojú ewé kejì wò.

Ọ̀rọ̀ 22 yẹn gan-an tún ní ẹ̀gún nínú. Kì í ṣe gbogbo oṣù ló ní ọjọ́ iṣẹ́ 22. Oṣù Kejì 2026 ní 20, oṣù Keje 2026 ní 23. Ká ní èèyàn ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Keje, tí kò sí níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ 22 tó kù. Ètò tó dúró lórí 22 yóò yọ gbogbo owó oṣù rẹ̀, yóò sì sanwó òfo fún ẹni tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù ọlọ́jọ́ 23. Èyí tó tọ́ lójú tèmi ni kí a fi iye ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú oṣù náà gan-an pín owó. Iye ojúmọ́ yóò máa yí díẹ̀ láti oṣù sí oṣù, ẹ ó sì ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní í mú ẹnikẹ́ni gba òfo lórí iṣẹ́ tó ṣe. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilé iṣẹ́ yín, kí òṣìṣẹ́ lè kà á kó tó gba ìsinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò tiyín ní àrùn yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbà. Ẹ dá òṣìṣẹ́ àfarawé kan sílẹ̀ tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 330,000. Ẹ fún un ní ìsinmi tí kò lówó nínú láti Jímọ́ọ̀ sí Mọ́ńdè. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni. Bí ètò bá yọ ọjọ́ mẹ́rin, ẹ lọ wo òǹkà tó fi pín. Bí òǹkà yẹn kò bá jẹ́ ti kàlẹ́ńdà, ẹ ti rí i.

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà kò parí síbẹ̀ fún àwa tí a wà ní ìhà ibí. Àwọn ọlọ́dẹ ilé iṣẹ́ Utako ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń sinmi ọjọ́ kan, Sátidé àti Sọ́ńdè kò yàtọ̀ sójú wọn. Wọ́n fi wọ́n sórí kàlẹ́ńdà Mọ́ńdè sí Jímọ́ọ̀ bíi ti ará ọ́fíìsì. Ọlọ́dẹ kan gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló yẹ kó wá síbi iṣẹ́ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ètò sì gbé márùn-ún kúrò nínú ìsinmi rẹ̀. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Bákan náà, ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá ń dúró de òṣùpá àti ìkéde ìjọba. Ẹni tó bá ti ti ọjọ́ ìsinmi gbogbo ọdún pa nínú ètò láti oṣù Kínní, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láti tún un ṣe, yóò jẹ ọjọ́ ìsinmi òṣìṣẹ́ tó wà nílé fún Iléyá nígbà tí ìjọba bá fi ọjọ́ kan kún un. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀ka ní Kánò, ẹ rántí pé ìjọba ibẹ̀ máa ń fún àwọn èèyàn ní ìsinmi ọdún tuntun Hijra, èyí tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà àwa ará Àbújá.

Alàájì tó ni ilé iṣẹ́ náà bi mí léèrè pé ṣé òun jẹ àwọn olówó ojúmọ́ ní ìsinmi rárá. Mo ní, "Alàájì, ẹ jẹ wọ́n." Òfin Iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 láìdáwọ́ dúró gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Ẹni tó ń gba 4,000 lójúmọ́ yóò gba 24,000 fún ọjọ́ mẹ́fà tó fi jókòó sílé. Òfin kan náà kò gbà kí ẹ fún un lówó kí ó má lọ sinmi. Èmi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ra ìsinmi lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá fún àwọn èèyàn yín ní ogún ọjọ́, tí ẹ sì fẹ́ ra díẹ̀ nínú èyí tó lé, ẹ fi mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ fún wọn láti fi sinmi.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà ló kàn, níbi tí wọ́n ti máa ń sọ owó oṣù kan di ìlọ́po 12.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún la fi ń ṣírò rẹ̀: 800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, 2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú 100, 9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e ń san 18, àwọn ipele mìíràn sì wà lókè fún àwọn olówó ńlá. Ètò owó oṣù ní láti fojú díwọ̀n owó ọdún láti ara owó oṣù kan, èyí tó rọrùn jù sì ni kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Fún akọ̀wé, ó dára. Fún ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n, ìparun ni.

Ọlọ́jà kan níbẹ̀ ń gba 80,000 tí kì í yí padà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀, nítorí náà pẹ́ńṣàn rẹ̀ jẹ́ 6,400 lóṣù, 76,800 lọ́dún. Ní oṣù Kẹta, ó ta ọjà ńlá kan, kọmíṣọ̀n 900,000 sì wọlé fún un. Ètò rí 980,000, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 12, ó sì gbà pé ọkùnrin yìí ń gba 11,760,000 lọ́dún. Owó orí tó yọ lára rẹ̀ ní oṣù kan yẹn jẹ́ 157,748.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe yẹ. Ká ní kò rí kọmíṣọ̀n mìíràn títí ọdún fi parí. Owó rẹ̀ lọ́dún yóò jẹ́ 960,000 pẹ̀lú 900,000, àpapọ̀ 1,860,000. A yọ pẹ́ńṣàn, ó ku 1,783,200. A yọ 800,000 tí kò ní owó orí, ó ku 983,200. Ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 147,480. Owó orí gbogbo ọdún nìyẹn. Wọ́n yọ ju ti ọdún kan lọ lára rẹ̀ ní oṣù kan, wọ́n sì tún padà sí yíyọ 1,040 lóṣù Kẹrin bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni pé mo ya owó ẹ̀ẹ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára owó oṣooṣù. Ètò á kọ́kọ́ ṣírò owó orí ọdún lórí owó tí kì í yí padà: 12,480, ìyẹn 1,040 lóṣù. Lẹ́yìn náà, á tún un ṣírò pẹ̀lú kọmíṣọ̀n tí a fi kún un lẹ́ẹ̀kan péré: 147,480. Ìyàtọ̀ méjèèjì, 135,000, ni owó orí kọmíṣọ̀n yẹn. Nítorí náà, ohun tí a ó yọ ní oṣù Kẹta ni 136,040. Bí kọmíṣọ̀n mìíràn bá tún wọlé ní oṣù Keje, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀, kí ipele rẹ̀ lè máa gòkè bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ètò yín wò pẹ̀lú ọwọ́, tí A2 sì jẹ́ owó ọdún lẹ́yìn pẹ́ńṣàn àti àwọn ìyọkúrò mìíràn, ìlà yìí tó fún ẹnikẹ́ni tí iye yẹn kò bá ju 12,000,000 lọ:

```
=MAX(0,MIN(A2,3000000)-800000)*15%
 +MAX(0,MIN(A2,12000000)-3000000)*18%
```

Owó ìsinmi tí ẹ ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún àti bónọ́ọ̀sì Kérésìmesì, ọ̀nà yìí kan náà ni kí wọ́n gbà. Nínú tábìlì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìbéèrè tó ní "ṣé oṣooṣù ló ń wá, àbí ẹ̀ẹ̀kan?" ló ń sọ fún ètò èyí tó yẹ kó ṣe.

Lórí òfin tuntun yìí kan náà, mo rí àwọn tó ṣì fi ìyọ̀ǹda àtijọ́, ìyẹn 200,000 àti ìdá 20 nínú 100 owó ọdún tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sílẹ̀ nínú ètò wọn. Ó ti lọ. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí òṣìṣẹ́ san, tí kò sì gbọdọ̀ ju 500,000 lọ. Owó ilé tó san fún onílé ni o. Kì í ṣe owó ilé tó wà lórí ìwé owó oṣù rẹ̀. Ẹ padà sí akọ̀wé wa tó ń gba 250,000. Owó ilé inú owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 720,000 lọ́dún, ṣùgbọ́n yàrá tó ń gbé jẹ́ 600,000. Ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni 120,000. A mú 3,000,000 tó ń gba lọ́dún, a yọ pẹ́ńṣàn 192,000 àti 120,000 yẹn, ó ku 2,688,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 283,200 lọ́dún, 23,600 lóṣù. Bí kò bá mú ìwé ẹ̀rí owó ilé wá, 25,100 ni yóò máa san lóṣù. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ tàbí ilé àna rẹ̀ kò san owó ilé fún onílé kankan, nítorí náà ẹ má ṣe tẹ ìyọ̀ǹda yìí fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba ìwé àdéhùn ilé tàbí rìsíìtì lọ́wọ́ oníkálukú, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì rẹ̀.

Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé náà ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn ní ìlú wa yìí. PAYE ń lọ sí ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì wà. Ìdajì àwọn tó ń gbálẹ̀ ní Utako ń wọ ọkọ̀ wá láti Màràràbá, ìyẹn Ìpínlẹ̀ Násáráwá. Méjì nínú àwọn ọlọ́dẹ ń wá láti Súléjà, ìyẹn Ìpínlẹ̀ Náíjà. Wọ́n ń kó owó orí gbogbo wọn fún FCT-IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Àbújá. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí owó orí níbi tó ń gbé, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ fi ihò kan fún ìpínlẹ̀ ibùgbé sínú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, ẹ fi pín owó orí náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Pẹ́ńṣàn ní tirẹ̀ kò dúró de ọjọ́ kẹwàá: ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó oṣù ni.

Èyí tó kẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo ṣe é, mo sì ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀. Ní 2017, mo bá ilé iṣẹ́ kan gbé ètò tuntun dìde ní oṣù Kẹfà. Mo tẹ orúkọ, owó oṣù àti nọ́ńbà àkántì gbogbo èèyàn. N kò tẹ ìsinmi tí wọ́n ti gbà láti oṣù Kínní. N kò sì tẹ owó àti owó orí oṣù márùn-ún tó ti kọjá. Ètò bá fún gbogbo wọn ní ìsinmi ọdún pípé lọ́tun, àwọn tó ti lo tiwọn tán tún lọ sinmi lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, owó orí ọdún tó wà nínú ètò jẹ́ ti oṣù méje. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wo ìwé àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti tún un kọ. Abiyamọ kan níbẹ̀ pàdánù ìsinmi tó fẹ́ fi tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní Kérésìmesì, nítorí pé a ní láti gba ọjọ́ tó ti lò ju bó ṣe yẹ padà. N kò ní ẹ̀bi kankan láti dà sí ètò lórí. Bí kò bá jẹ́ oṣù Kínní lẹ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ nǹkan mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ ìsinmi tó kù, owó tó ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti owó orí tó ti san.

Ní Utako, a dá owó súpáfáísọ̀ padà fún un ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a tún pẹ́ńṣàn àti owó orí rẹ̀ ṣírò lórí iye tó tọ́. Fún oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, a ṣe ìwé owó oṣù lẹ́ẹ̀mejì, lórí ètò àti lórí Excel, a sì fi ohun tó kan ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ara wọn kí Alàájì tó fọwọ́ sí i. Ní oṣù kìíní, orúkọ 11 kò bára mu. Mẹ́rin jẹ́ ọlọ́dẹ tí wọ́n ṣì wà lórí kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì, mẹ́fà jẹ́ àwọn tí kò tíì mú ìwé owó ilé wá tí ètò sì ti fún ní ìyọ̀ǹda, ọ̀kan sì jẹ́ ọlọ́jà tí wọ́n tẹ kọmíṣọ̀n rẹ̀ sínú ihò bésíìkì. Ní oṣù kejì, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀, tí wọ́n kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún kan ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ gan-an. A tún un kọ níṣojú rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, a sì ti ìwé àtijọ́ pa.